Ẹ́ńjìnnì Stirling Alágolo: Níbo Ni Ooru Ń Bá Lọ?

Tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà fi agolo ṣe ẹ́ńjìnnì Stirling kékeré kan, èyí tí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ń gbóná tó sì ń tutù láti mú kó yí, fún kọ́ọ̀sì tamodáínámíìkì, kó wọn bó ṣe ń yára yí tó, kó sì sọ ẹfíṣẹ́ńsì rẹ̀, ìyẹn ìpín ooru tó di iṣẹ́, apá ìkẹyìn yẹn ló sábà máa ń dàrú. Yálà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó ni o, tàbí ní ọgbà ẹnjiníà Yunifásítì Ọ̀yẹ́ tó wà ní Ìkọ̀lé, tàbí ní Pólì, ohun tó rọrùn jù ni kéèyàn fi tẹmómítà wọn ìsàlẹ̀ agolo, kó wọn òkè rẹ̀, kó fi iye méjèèjì sínú fọ́múlà Carnot, kó wá kọ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì orí tábìlì. Ààlà tí ẹ́ńjìnnì kankan kò lè kọjá láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù yẹn ni. Èyí tí ẹ́ńjìnnì agolo ń ṣe gan-an kéré sí i ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ohun tó fà á sì ni mo kà sí ẹ̀kọ́ gidi tó wà nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ́ ọ. Agolo ìta ni agolo tòmátò onígíráàmù 400, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 73, tó sì ga tó 110. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la ó máa dáná sí, nítorí náà a ò ní lu ú. Agolo inú, èyí tí yóò máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ láti lé afẹ́fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, la ó fi agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á. Agolo kúkúrú tó sanra fẹ̀ tó mìlímítà 66, ìyẹn á jẹ́ kí àlàfo tó yí i ká jẹ́ mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀. Agolo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí kò tó 60. Tí ẹ bá lo ìyẹn, àlàfo á fẹ̀ jù, púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ á kàn máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìlọ síbi gbígbóná tàbí ibi tútù, ẹ́ńjìnnì náà kò sì ní lágbára. Ẹ gé ìdí agolo méjì, ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì títí gíga wọn á fi jẹ́ mìlímítà 80. Bí a bá yọ 80 kúrò nínú 110, ó ku 30: a ó fi 20 rìn, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kó má baà máa kọlu agolo ìta.

Lẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi so agolo inú yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀ mínìtì máa ń rọ̀ tí ooru bá ti mú un, bẹ́ẹ̀ náà sì ni súpà gúlúù. Sílíkọ́ọ̀nù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí ìsopọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni kí ẹ lò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sókè agolo inú, torí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ á wú bó bá gbóná, á sì já ibi tí ẹ lẹ̀ bí kò bá rí ọ̀nà jáde.

Páánù pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi bo ẹnu agolo ìta, kí ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù kan náà lẹ̀ ẹ́. Ní àárín ìdérí yìí ni okùn tó gbé agolo inú yóò gbà jáde. Okùn ìpẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa jù. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí náà, ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ bíntín lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún tíúbù náà, kí okùn gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ihò bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jò. Bí ó bá há, agolo inú kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fa okùn sókè, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ lójijì. Agolo inú gbọ́dọ̀ já lulẹ̀ kíá, kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀. Bó bá ń fà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tún tíúbù náà gún tàbí kí ẹ fi nọ́ọ̀tì kékeré kan kún ìwúwo rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ìta, ní apá òkè tó máa tutù, ẹ lu ihò kan, kí ẹ lẹ élíbóò àwọn púlọ́ńbà mọ́ ọn kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi rọ́bà ìbọ̀wọ́ dókítà bo ẹnu élíbóò yìí, kó dẹ̀ díẹ̀, kó má fà le. Rọ́bà yìí ni pístìnnì wa: tí afẹ́fẹ́ inú agolo bá gbóná, á wú sókè, tó bá tutù, á rẹlẹ̀. Bí ẹ bá nà án le bí awọ ìlù, gbogbo agbára tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ló máa fi na ara rẹ̀.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ la ó tẹ̀ ṣe kíránkì. Apá tó ń gbé agolo inú á yọ síta ní mìlímítà mẹ́wàá, èyí tí rọ́bà ń tì á yọ ní mẹ́rin, a ó sì jẹ́ kí ìdá mẹ́rin òbìrí, ìyẹn dígíríì 90, wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí agolo inú bá wà lókè pátápátá, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà ní agbede méjì, kó ṣì máa gòkè lọ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n jọ ń dé òkè pọ̀ kò ní rí i kó yí láéláé, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ẹ fi àwo sídì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe fuláíwíìlì, kí ẹ lẹ nọ́ọ̀tì kan mọ́ etí rẹ̀ ní òdìkejì ibi tí agolo inú ń fà, kí ìwúwo ẹgbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba.

Kí ẹ tó so rọ́bà mọ́ kíránkì, ẹ dáná sábẹ́ agolo fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi ọwọ́ fa agolo inú sókè. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wú lójú kan náà, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá wú tó tún wá ń joro díẹ̀díẹ̀, ó ń jò, fọ́ọ̀mù ọṣẹ ló sì máa fi ibi tó ti ń jò hàn yín. Bí kò bá wú rárá, ẹ wo àlàfo tàbí iná. Ìdánwò kékeré yìí kì í jẹ́ kéèyàn fi wákàtí púpọ̀ ṣòfò, torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀, jíjò àti fífi ara gbo ara jọ ara wọn: ẹ́ńjìnnì kàn kọ̀ láti yí ni.

Iná sípíríìtì ni kí ẹ lò, kì í ṣe àbẹ́là, nítorí pé àbẹ́là máa ń fi èédú pa ìdí agolo, èédú yẹn ò sì ní jẹ́ kí ooru wọlé dáadáa. Ẹ fi agolo dẹ́ríkà tí ẹ ti lu ihò yí iná náà ká kí atẹ́gùn má baà máa gbé e. Ẹ rántí pé iná sípíríìtì kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, nítorí náà ẹ má ṣe rọ òmíràn sí i nígbà tí fìtílà ṣì gbóná. Ẹ wé àkísà tútù mọ́ apá òkè agolo. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tó wá kú, kò sí nǹkan kan tó bà jẹ́ lára rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òkè ló ti gbóná bí ìsàlẹ̀. Èyí náà ni òwúrọ̀ ọyẹ́ fi dára fún un ju ọ̀sán oṣù kẹta lọ.

Ní ti ìwọ̀n eré, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ fún un. Ẹ lẹ bébà funfun mọ́ etí sídì, kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Fóònù lásán ń ya fọ́tò 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan ń lo fọ́tò mẹ́sàn-án fún òbìrí kan, ìyẹn sì tó láti kà á. Ẹ ka 20 òbìrí, kí ẹ wo iye àáyá tó gbà. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀: fóònù lè fi fọ́tò 120 ya á ní àáyá kan, kó wá máa fi 30 hàn án, eré tí ẹ bá kà níbẹ̀ á wá di ìdá mẹ́rin eré gidi. Ẹ gbé aago tó ń ka àáyá sínú àwòrán náà kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n eré nìkan kì í ṣe agbára. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí lófìfo ń lo gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láti borí bí ara rẹ̀ ṣe ń gbo ara, kò sì fún wa ní nǹkan kan. A gbọ́dọ̀ di ẹrù lé e. Ẹ lẹ ìdérí ìgò ọ̀rá mọ́ kíránkì kó dúró bí púlì. Ká ní láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mìlímítà 15. Ẹ gbé òkúta kan tó wúwo tó gíráàmù 50 sórí síkéèlì kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, ẹ so òwú mọ́ ọn, kí òwú náà gba orí púlì kọjá, kí ẹ sì so gíráàmù mẹ́ta kọ́ ìparí rẹ̀. Púlì gbọ́dọ̀ máa yí sí apá tí gíráàmù mẹ́ta wà. Bó ṣe ń yí ni á máa fa òwú láti ọ̀dọ̀ òkúta, ohun tí síkéèlì ń kà á sì dín kù.

Ká sọ pé síkéèlì ka 45. Òwú ń fa òkúta pẹ̀lú gíráàmù márùn-ún nìyẹn. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìwúwo tí a so kọ́. Méjì tó kù ni ẹ́ńjìnnì ń borí. Gíráàmù méjì jẹ́ ipá 0.0196 níútìnnì. Ká ní ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 200 lófìfo ti wá sí 120 lábẹ́ ẹrù yìí, ìyẹn òbìrí méjì ní àáyá kan:

```
P = F × r × 2πn
P = 0.0196 × 0.015 × 6.28 × 2 = 0.0037 W
```

Mílíwáàtì mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Ẹ má ṣe dúró lórí ẹrù kan. Ẹ yí ìwúwo náà padà, kí ẹ kọ eré àti ipá sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ipá bá jẹ́ gíráàmù kan, tí eré sì jẹ́ 160, agbára á jẹ́ mílíwáàtì 2.5; bí ipá bá jẹ́ mẹ́ta, tí eré sì lọ sílẹ̀ sí 70, á jẹ́ 3.2. Ibi tí agbára ti pọ̀ jù wà láàárín, kò jìnnà sí ìdajì eré òfìfo, ibẹ̀ la ó sì ti ṣírò ẹfíṣẹ́ńsì. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù níbí ni síkéèlì, torí ó máa ń gbọ̀n. Bí ó bá ń lọ láti 44.7 sí 45.3, ẹ ti ní àṣìṣe ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ipá, nígbà tí ti eré kò tó ìdá kan.

Ó ku ooru. Ẹ wọn fìtílà lórí síkéèlì kí ẹ tó tan án, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gíráàmù kan ẹtanọ́ọ̀lù tí kò ní àbùlà ń mú ooru kílójúùlù 26.8 wá, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ wà nínú sípíríìtì ọjà, nítorí náà ẹ fi 25 ṣe é. Bí gíráàmù 1.6 bá jó, kílójúùlù 40 nìyẹn, tí a bá fi àáyá 600 pín in, á jẹ́ wáàtì 67. A fi 67 pín 0.0037: ìdá 0.0055 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ooru tó wọ agolo kéré sí èyí. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé agolo tòmátò mìíràn tó jọ ọ́ sórí iná kan náà, pẹ̀lú omi gíráàmù 100 nínú rẹ̀. Bí omi náà bá kúrò ní dígíríì 27 dé 62 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru tó gbà jẹ́ 100 × 4.18 × 35, ìyẹn kílójúùlù 14.6, wáàtì 24. Ìdí agolo omi máa ń tutù ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, ó sì ń fa ooru mọ́ra jù, nítorí náà ooru tó wọ ẹ́ńjìnnì kò lè ju wáàtì 24 yìí lọ. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹfíṣẹ́ńsì á di ìdá 0.015 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ti iná àti èyí tó jẹ́ ti agolo.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Carnot. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 180, tí òkè sì jẹ́ 60, ìyẹn 453 àti 333 ní Kẹ́lífìn, 1 − 333/453 jẹ́ 0.265. Kí ló jẹ wáàtì 24 yẹn tán tó fi jẹ́ pé mílíwáàtì mẹ́rin kò pé lọ́wọ́ wa?

Ẹni tó bá ní ara agolo ló gbé e lọ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páánù agolo kò nípọn ju ìdá márùn-ún mìlímítà kan lọ. Ooru tó ń gba inú irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ìyàtọ̀ dígíríì 120, kò ju nǹkan bíi wáàtì méjì ààbọ̀ lọ. Ìdá mẹ́wàá péré nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ gan-an ni ọ̀gá wọn. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí agolo inú bá rin mìlímítà 20, ó ń lé afẹ́fẹ́ bíi mìlílítà 68 kúrò níbi tútù lọ síbi gbígbóná. L'Ádó-Èkìtì, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 450, ìtì afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi kílópásíkà 96, nítorí náà afẹ́fẹ́ yẹn wúwo tó gíráàmù 0.058. Láti gbé ooru rẹ̀ sókè pẹ̀lú dígíríì 120, ó nílò júùlù méje. Nígbà tí agolo inú bá padà, afẹ́fẹ́ náà á da júùlù méje yẹn sára ìdérí tútù, kò sì ní bọ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ní àáyá kan, wáàtì 14 ti lọ. Àwọn ògiri agolo máa ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ tán, nítorí náà 14 ni òpin rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí òbìrí kan ń gbà àti ohun tó ń fún wa: júùlù méje wọlé, nǹkan bíi júùlù 0.002 péré ló jáde. Ìyókù wáàtì 24 ń gba ara ògiri gbígbóná lọ sínú afẹ́fẹ́ ìta.

Èyí ni Robert Stirling, pásítọ̀ ará Sìkọ́tíláǹdì, rí nígbà tó gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1816. Ọdún mẹ́jọ kí Carnot tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ni. Ohun tí Stirling gbájú mọ́ nínú rẹ̀ ni ibi ìpamọ́ ooru: ọ̀nà kan láàárín ibi gbígbóná àti ibi tútù tí afẹ́fẹ́ á ti máa fi ooru sílẹ̀ nígbà tó bá ń lọ, kó lè tún gbé e nígbà tó bá ń bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹrù sílẹ̀ lójúde kó tó wọlé, tó sì gbé e padà nígbà tó jáde. Agolo wa kò ní in. A kọ́ ẹ́ńjìnnì Stirling, a sì yọ ohun tí Stirling ṣe kúrò nínú rẹ̀.

Ó ṣeé dá padà láìná owó púpọ̀. Ẹ yọ agolo inú kúrò, kí ẹ fi kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò rọ́pò rẹ̀: ẹ ká a jọ bí àgbá kékeré, gíga rẹ̀ mìlímítà 80 bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ó fẹ̀ tó 70, kí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì fà ya. Afẹ́fẹ́ á máa gba àárín àwọn wáyà náà kọjá báyìí dípò ẹ̀gbẹ́, ooru á sì máa kù sára wọn. Bó bá fọ́n jù, afẹ́fẹ́ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá láì ti nǹkan kan, rọ́bà kò sì ní wú. Bó bá kì jù, ó máa le láti gbé, eré á dín kù dípò kó pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 15, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí ẹ sì máa fi ìwúwo kan náà lórí òwú àti iná kan náà wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Eré òfìfo lè tàn yín níbí, torí kànrìnkàn lè fúyẹ́ ju agolo lọ kó sì yára láìjẹ́ pé ooru kankan padà. Ìyàtọ̀ tó wà nínú `P` lábẹ́ ẹrù, pẹ̀lú iye sípíríìtì tó jó, ni kí ẹ kọ sínú ìròyìn yín.